Ta ló ń sọ̀rọ̀ lára ọ̀rá gààrí wa?

Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá kan, nígbà tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń múra Ojúde Ọba, tí agbada wa kò sì kúrò lórí iná, oníbàárà kan láti Èkó fi àwòrán méjì ránṣẹ́ sí mi. Èkíní ni ohun tí a kọ sórí Fesibúùkù: “Ẹ̀yin ẹbí wa, ẹ wá gbádùn, tiyín ni wá!” Èkejì ni èsì tí a fún un lórí Wasáàpù nígbà tó sọ pé gààrí tí òun rà kò kan: “A kì í gba ọjà tí a bá ti tà padà.” Ó wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Nínú àwọn méjì yìí, èwo gan-an ni ẹ̀yin?”

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, torí òótọ́ ni. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń kọ ti Fesibúùkù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń dá oníbàárà lóhùn. Ọ̀rọ̀ ara ọ̀rá ńkọ́? Ẹni tó bá wa tẹ̀ ẹ́ ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀, òyìnbó ńláńlá tí mi ò lè fi ẹnu ara mi sọ fún ẹnikẹ́ni lójú ọjà. Ènìyàn mẹ́ta ń fi orúkọ ilé kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, kò sì sí èyí tó gbọ́ ohun tí èkejì sọ.

Nígbà tí ọdún parí, mo da ọgbọ̀n èsì kọ sínú ìwé, láìfi orúkọ sí i. Mo fi ọ̀rọ̀ Fesibúùkù mẹ́wàá àti ọ̀rọ̀ ara ọ̀rá kún un, mo gbé e fún aládùúgbò wa kan tó ti ń ra gààrí lọ́wọ́ wa tipẹ́. Mo ní kó fàlà sábẹ́ èyí tó bá gbọ́ bí ẹni pé ilé wa ló ń sọ ọ́. Mẹ́rin péré ló fàlà sí. Mo wo àwọn mẹ́rin náà títí, mo rí i pé ọ̀nà tí màámi ń gbà sọ̀rọ̀ ni gbogbo wọn jọ.

Màámi ti fi kóńgò ta gààrí ní ọjà Òkè-Ajé kí á tó máa dì í sínú ọ̀rá. N kò gbọ́ ọ rí kó ní gààrí òun ló dára jù. Yóò bù díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó fẹ́ rà, yóò ní, “Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ná. Ọjọ́ márùn-ún ló lò nínú àpò, àná la yan án.” Bí èyí tó wà nílẹ̀ kò bá kan tó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó máa ń pe ọmọ kékeré tí wọ́n rán níṣẹ́ ní “ẹ” nítorí ilé tó rán an wá. Mo wá rí i pé kò sí ohùn tuntun kankan tí a ní láti wá lọ síta.

Ìwé kan ṣoṣo la kọ, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. “Ẹ” la ó máa pe gbogbo oníbàárà, “a” la ó máa pe ara wa. Ohun tí a ṣe la ó máa sọ, a kò ní máa yin ara wa: dípò “ojúlówó gààrí tí kò lẹ́gbẹ́”, a ó kọ “ọjọ́ márùn-ún ló fi kan, a jọ̀ ọ́ kó tó bọ́ sínú agbada, a kò fi epo sí i”. Ẹ̀kẹta ni pé nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ la ó kọ́kọ́ wádìí, ọ̀rọ̀ òfin ilé yóò tẹ̀ lé e. Àbúrò mi fẹ́ kí á fi ẹ̀ka èdè Ìjẹ̀bú kọ gbogbo rẹ̀. Ó wu èmi náà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń rà á ní Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kò ní gbọ́ ọ tán.

A wá padà sórí èsì ìyá Èkó yẹn, a tún un kọ:

“Ẹ kú ọdún, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà wo ló wà lẹ́yìn ọ̀rá náà? Òun la ó fi mọ ọjọ́ tí a yan án. Bí kò bá lo ọjọ́ márùn-ún nínú àpò, ẹ̀bi wa ni, a ó fi òmíràn ránṣẹ́ láìgba owó.”

Ó sọ nọ́ńbà náà fún wa. A wo ìwé wa: ọjọ́ mẹ́ta péré ni gààrí yẹn lò, torí ọdún tó ń lé wa. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé bí ara ọ̀rá bá ń sọ ọjọ́ márùn-ún, tí ẹni tó ń tẹ jáàkì sì ń ṣe ọjọ́ mẹ́ta, ohùn wa ti já sí méjì kí ẹnikẹ́ni tó kọ̀wé rárá. A fi òmíràn ránṣẹ́ sí i. Láti ọdún yẹn, bí àsìkò bá fún wa pinpin, à ń kọ́kọ́ sọ pé gààrí ti tán.

Ara ọ̀rá gba sùúrù. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, nítorí náà ohun tó lè yí padà kò gbọdọ̀ sí lára ohun tí wọn yóò tẹ̀. Orúkọ wa àti gbólóhùn màámi la tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ tí a yan án àti nọ́ńbà rẹ̀ la ń lẹ̀ sẹ́yìn. Ìwọ̀n rẹ̀, àdírẹ́sì, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí kò ní dára mọ́, ẹ kọ wọ́n gbòòrò láìfi àwàdà tàbí ewì kún un. Ẹ má sì kọ ọ́ pé gààrí ń wo àìsàn kankan.

Ti Wasáàpù ló gbà wá lákòókò jù. Ẹ̀yà rẹ̀ tó wà fún oníṣòwò ní ibì kan tó ń jẹ́ Quick replies, tí ènìyàn lè tọ́jú èsì pamọ́ sí, tí yóò kàn tẹ `/` àti ọ̀rọ̀ kúkurú kan kí èsì náà tó yọ. A fi iye owó, bí a ṣe ń fi ọjà ránṣẹ́ àti bí a ṣe ń tọ́jú gààrí síbẹ̀. Àṣìṣe tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a fi “Ẹ káàárọ̀, Mà” bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ó di aago mẹ́sàn-án alẹ́, a kí bàbá kan ní “Ẹ káàárọ̀, Mà”. Ìkíni Yorùbá ń tẹ̀ lé àsìkò àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn, kò ṣe é tọ́jú pamọ́. Ní báyìí, ọwọ́ la fi ń tẹ ìkíni, èyí tó kù ló ń wá láti inú Quick replies. Greeting message tó máa ń lọ fúnra rẹ̀ sí ẹni tó kọ̀wé sí wa nígbà àkọ́kọ́, tàbí ẹni tó ti dákẹ́ fún ọjọ́ 14, “Ẹ ǹlẹ́ o, a ti rí ọ̀rọ̀ yín” la kọ síbẹ̀. Kò sí wákàtí tí ìyẹn kò bá mu.

Àbúrò mi bẹ̀rù pé gbogbo ọ̀rọ̀ wa yóò wá máa dún bákan náà. Mo ní kó wo màámi bó ṣe ń kí ọlọ́mọ tuntun àti bó ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lẹ́yìn ilé yóò mọ̀ pé òun ni. Bí Ojúde Ọba bá dé, a lè ṣeré lórí Fesibúùkù, kí á fi òwe dá a lárà. Ẹni tí gààrí rẹ̀ wú lójú ọ̀nà kò nílò òwe. Ìgbà tí òmíràn yóò dé ló fẹ́ gbọ́.

Ní ìparí oṣù, à ń mú èsì mẹ́wàá jáde, a kà wọ́n sókè fún màámi. Èyí tó bá mú kó bi wá pé “Ta ló sọ ìyẹn?”, a máa tún un kọ. Oṣù tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìlà kan kún ìwé ara ògiri: bí inú bá ń bí i, yóò kọ èsì náà tán, yóò gbé e fún mi kí ó tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbé e wá.