Bí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán kan bá máa wá ẹni tí yóò sọ̀rọ̀, tí yóò sì tún ta tíkẹ́ẹ̀tì

Iṣẹ́ mi ní Àbújá ni pé mo máa ń bá àwọn tó ń ṣe àpérò oníṣòwò kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ fíláyà wọn, lórí Ínsítágíráàmù, Fesibúùkù àti Wọ́sáàpù. Èyí tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni èyí tí wọ́n bá ní kó ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: kó wá àwọn tí yóò sọ̀rọ̀, kó sì ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó bá tètè rà. Owó gbọ̀ngàn ló sábà máa ń fà á. Ẹni tó ní gbọ̀ngàn fẹ́ kí wọ́n san àsansílẹ̀, àwọn tó ń ṣe àpérò kò sì tíì rí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ tán, ni wọ́n bá da ohun méjèèjì pọ̀.

Ohun tí mo ti kọ́ ni pé ojú tí àwọn ènìyàn méjì yìí fi ń ka ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ rí "à ń wá olùbánisọ̀rọ̀", inú rẹ̀ dùn pé àyè wà fún òun. Ẹni tí ẹ fẹ́ gba ₦15,000 lọ́wọ́ rẹ̀ rí gbólóhùn kan náà, ohun tó gbọ́ ni pé kò tíì sí nǹkan kan nílẹ̀. Ó máa ní òun á dúró wò ó. Ẹni tó bá sì ti ní òun á dúró wò ó, ó ti jáde kúrò nínú àwọn tó máa tètè rà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tí mo ṣe wá, kó lè yé wa dáadáa. Ìyá kan tó ń ṣe gàrí àti èlùbọ́ sínú ọ̀rá ní Kubwa pè mí. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ ṣe àpérò fún àwọn tó ń ṣe oúnjẹ tà bíi tiwọn. Èdè Yorùbá ni wọ́n fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ jáde, nítorí pé inú gúrúùpù Wọ́sáàpù àwọn ará ilé wa ní Kubwa, Nyanya àti Lugbe ló máa kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó ṣe ti Haúsá. Ohun tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ nìyí:

"Inú wa dùn láti kéde àpérò ńlá ti ọdún yìí fún gbogbo oníṣòwò! À ń wá àwọn olùbánisọ̀rọ̀ tó dáńtọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì àtètèrà náà ti jáde ní owó pọ́ọ́kú. Ẹ má jẹ́ kó fò yín dá. Ẹ kàn sí wa."

Ó ti wà lójú ewé wọn fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka ohun tí àwọn ènìyàn kọ sábẹ́ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti jò. Bí ìbéèrè bá jẹ́ "Èló ni?", owó ni ẹ fi pamọ́. Bó bá jẹ́ "Àwọn wo ló máa sọ̀rọ̀?", ẹ ń ta tíkẹ́ẹ̀tì láì fi ọjà hàn. Bí wọ́n bá sì ń kọ "Mo fẹ́ wá" tí ẹnikẹ́ni kò sanwó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀nà ìsanwó ló dí. Lábẹ́ tiwọn, "Àwọn wo ló máa sọ̀rọ̀?" ló pọ̀ jù. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ náà kọ̀wé, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ìwúrí káàkiri, tí wọn kò se oúnjẹ tà rí.

Mo wá béèrè lọ́wọ́ ìyá náà pé, "Mà, nínú gbogbo ẹni tí ẹ mọ̀, ta ló ti gbà láti sọ̀rọ̀ láìsí àní-àní?"

Ó ní, "Èmi fúnra mi á sọ̀rọ̀. Mo ti gba nọ́ńbà NAFDAC tèmi. Àbúrò mi kan tó ń ṣe sóbò náà ti gbà, ó ń kó o lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá."

Ọjà ti wà nílẹ̀, a kò kàn tíì pàtẹ rẹ̀ ni. Bí ẹ kò bá ní ẹni méjì ó kéré tán tó ti gbà, tí ẹ kò sì ní ọjọ́, gbọ̀ngàn àti kókó ọ̀rọ̀, ẹ kọ ti olùbánisọ̀rọ̀ nìkan jáde, kí ẹ jẹ́ kí tíkẹ́ẹ̀tì dúró. Bí ẹ bá ní wọn, ọ̀rọ̀ kan lè ṣe iṣẹ́ méjèèjì, bí ohun tó ti dájú bá ṣáájú ohun tí ẹ ń wá. Èyí la fi rọ́pò ti àkọ́kọ́:

"Ṣé oúnjẹ lẹ ń ṣe sínú ọ̀rá tà ní Àbújá? Sátidé, 15 oṣù kọkànlá, ní Jabi: bí a ṣe ń gba nọ́ńbà NAFDAC, lẹ́nu àwọn tó ti gbà á.

Ẹni méjì ti gbà láti sọ̀rọ̀: ẹni tó ń ṣe èlùbọ́ ní Kubwa tó ti gba nọ́ńbà tirẹ̀, àti ẹni tó ń kó sóbò lọ sí àwọn ilé ìtajà ńlá. Àyè ẹni mẹ́ta ṣì kù.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀: ogún ìṣẹ́jú ni. A kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, a kò sì ní owó iṣẹ́ láti san, ṣùgbọ́n a ó san owó ọkọ̀ ẹni tó bá ti Kàdúná, Minna tàbí Lọ́kọ́ja wá. Ẹ sọ ohun kan tí ẹ ti ṣe fúnra yín nínú òwò oúnjẹ, kí ẹ fi ohùn ìṣẹ́jú méjì sọ ọ́, kó tó di alẹ́ Jímọ̀ 19 oṣù kẹsàn-án.

Bí ẹ bá fẹ́ wá gbọ́: ₦15,000 títí di Jímọ̀ 3 oṣù kẹwàá, agogo 11:59 alẹ́. Láti Sátidé 4 oṣù kẹwàá, ₦25,000 ni. Oúnjẹ ọ̀sán wà nínú rẹ̀. Ẹ ó rí orúkọ gbogbo àwọn tó máa sọ̀rọ̀ ní Jímọ̀ 26 oṣù kẹsàn-án.

Fọ́ọ̀mù àti tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú línkì tó wà lókè ojú ewé wa."

Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́. Lórí Ínsítágíráàmù, nǹkan bíi lẹ́tà 125 ló máa ń hàn kí wọ́n tó gé ìyókù sẹ́yìn "more", ó sì lè dín sí i lórí fóònù kékeré. Èyí tó wà tẹ́lẹ̀ fi àyè yẹn sọ pé inú wọn dùn. Tuntun fi í pe ẹni tó ń ṣe oúnjẹ, ó sì fún un ní ọjọ́ àti ibi. Ẹ̀yin ará Àbújá mọ ìdí tí ibi fi ṣe pàtàkì: ará Nyanya kan máa kọ́kọ́ ro sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà kó tó ro owó, ẹni tó sì ń bọ̀ láti Kàdúná mọ gáréèjì Jabi.

Ọjọ́ mẹ́ta tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò, torí àwọn ni wọ́n gbé gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró. Àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ parí ní 19 oṣù kẹsàn-án. Orúkọ jáde ní 26. Owó àtètèrà kò parí títí di 3 oṣù kẹwàá. Èyí já sí pé ẹni tó ń ṣiyèméjì ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko láti fi rí orúkọ gbogbo àwọn tó máa sọ̀rọ̀ kí owó tó gòkè. Àwọn kan máa ń ti owó àtètèrà kí wọ́n tó kéde orúkọ, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé ènìyàn kò rà. Ìdí kejì ni owó oṣù. Àbújá yìí, ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba ni, àti ẹni tó ń ṣe òwò lẹ́yìn iṣẹ́ ọ́fíìsì, àti ẹni tí òṣìṣẹ́ ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀, ìparí oṣù ni owó máa ń dé ọwọ́ wọn. Bí ẹ bá ti owó àtètèrà ní ọjọ́ 20, ẹ ti í mọ́ wọn lójú.

Mo kọ agogo 11:59 alẹ́ nítorí pé "agogo méjìlá òru Jímọ̀" máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀: ṣé òru tó ṣáájú Jímọ̀ ni àbí èyí tó tẹ̀ lé e?

Ní ti àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀, gbólóhùn owó yẹn ṣe kókó. Àwọn àpérò kan wà tí wọ́n máa ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gorí pèpéle, torí náà ẹni tó mọ iṣẹ́ máa ń fura sí ìpè tí kò bá sọ ti owó rárá. Ẹ sọ bí ẹ ó ṣe san án, tàbí kí ẹ sọ pé kò sí. Ohùn ìṣẹ́jú méjì tí a ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ ló sì ya àwọn tó ṣiṣẹ́ kúrò lára àwọn tó ní oyè. Ìwé ìtàn iṣẹ́ àti fọ́tò kò lè ṣe ìyẹn. Obìnrin kan láti Minna fi ohùn ránṣẹ́, ó ń ṣàlàyé ohun tí wọ́n ní kó tún ṣe nínú ibi tó ti ń lọ ata, àti bó ṣe tún un ṣe kí wọ́n tó padà wá wò ó. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ìsanwó, ẹ rántí pé línkì tí ẹ bá kọ sínú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán Ínsítágíráàmù kì í ṣeé tẹ̀. Òkè ojú ewé yín ló gbọ́dọ̀ wà. Ti Wọ́sáàpù àti Fesibúùkù ṣeé tẹ̀, torí náà ẹ fi línkì gan-an rọ́pò ìlà tó kẹ́yìn níbẹ̀. Ẹ tún pinnu ẹni tó máa ru owó iṣẹ́ tí ilé ìsanwó ń gbà. Lórí Paystack, ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún pẹ̀lú ₦100 ni fún owó abẹ́lé, èyí tó jẹ́ ₦325 lórí ₦15,000. Àwa ní kí ó yọ nínú tiwa. Ẹni tó ka ₦15,000 lábẹ́ àwòrán, tó wá bá owó tó ju bẹ́ẹ̀ lọ níbi ìsanwó, ó máa ń padà lẹ́yìn.

₦25,000 yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ owó tí ẹ máa gbà ní tòótọ́. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 kọ ìpolówó tó ń ṣi oníbàárà lọ́nà, ẹ má sì kọ iye kan sílẹ̀ kìkì kí èkejì lè dà bí ẹ̀dínwó. Ẹ má sì sún ọjọ́ náà síwájú. Ìgbìmọ̀ fẹ́ sún un lálẹ́ ọjọ́ 3, nítorí pé ìbéèrè ṣì ń wọlé. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe é, torí ẹni tó bá rí i pé ọjọ́ yín ṣeé sún kò ní kánjú mọ́ ní ọdún tó ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ 4, a tún ọ̀rọ̀ náà ṣe lórí Ínsítágíráàmù àti Fesibúùkù, a yọ ₦15,000 àti ìpè olùbánisọ̀rọ̀ kúrò. Ti Wọ́sáàpù kò ṣeé tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àtúnṣe lẹ́yìn tí ẹ bá fi í ránṣẹ́, èyí tí àwọn ènìyàn bá sì ti fi ránṣẹ́ síwájú ti kúrò lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọjọ́ àti oṣù lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́, tí n kì í kọ "ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀" tàbí "ó ku ọjọ́ mẹ́ta". Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ọjọ́ 4, ẹnì kan láti Lugbe fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ padà sí ìyá náà, ó ní òun fẹ́ san ₦15,000. Ìyá náà ní kó ka ìlà owó. Ó kà á, ó sì san ₦25,000.