"Ẹ" kan wà tí kì í ṣe ti ọ̀wọ̀

Bírò pupa ni Bàbá fi dá lẹ́tà ìsinmi mi padà. Bàbá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Àwọn ni alákòóso ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ní Òkè-Adó, n'Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń ka ìwé ṣàtúnṣe kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ. Tíṣà Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n sì ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Òfin wọn ni pé ìwé yòówù tí a bá kọ sí wọn, Yorùbá ni ká fi kọ ọ́. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ń fi Yorùbá jẹun kò gbọdọ̀ máa fi èdè mìíràn tọrọ àyè.

Oṣù Kẹjọ ọdún 2023 ni. Ìyá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, mo sì nílò ọ̀sẹ̀ kan. Ohun tí mo kọ rèé, mi ò yọ nǹkan kan kúrò:

"Ọ̀gá mi àtàtà, ọ̀gá àwọn ọ̀gá, igi àràbà tó ṣíji bo gbogbo wa. Mo wá sí ọ́fíìsì ẹ lánàá, mi ò bá ẹ. Mo fẹ́ fi tó ọ létí pé mi ò ní wá síbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá mi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú. Wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá kí wọ́n tó lè ṣe é fún wọn. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣe é fún mi nítorí Ọlọ́run. Èmi ni ọmọ ẹ."

Bàbá pè mí. Mo kúnlẹ̀, wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì na ìwé náà sí mi. Wọ́n ní, "O kì mí bí onílù tán, o wá pè mí ní ìwọ."

Mo ní, "Háà, Bàbá, ẹ̀yin kẹ̀? 'Ẹ' ni mo kọ o."

Wọ́n ní kí n fi ìka tọ́ka sí "ẹ" tí mo kọ. Mo tọ́ka sí "ọ́fíìsì ẹ". Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tíṣà tó ti ń dúró de àṣìṣe yẹn láti àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rèé. "Ẹ" méjì ló wà lẹ́nu wa, lẹ́tà kan náà la fi ń kọ wọ́n, ìyẹn ni a kì í fi í fura. Ọ̀kan ń ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe: ẹ jókòó, kí ẹ gbà, bí ẹ bá fọwọ́ sí i. Ti ọ̀wọ̀ nìyẹn. Èkejì ń gbẹ̀yìn: ìwé ẹ, ọ́fíìsì ẹ, mo rí ẹ, mo bẹ̀ ẹ́. Kò sí ọ̀wọ̀ kankan nínú èyí. "Rẹ" tó ti gbé "r" jù nù ni, tàbí "ọ" tó yí padà lẹ́nu wa. Bí èmi àti ọ̀rẹ́ mi bá jọ wọ mọ́tò láti Dùgbẹ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, "mo rí ẹ lánàá" ni n ó sọ fún un. Bó bá ṣe ìyá rẹ̀ ni mo bá pàdé, "mo rí yín lánàá" ni, mi ò tiẹ̀ ní rò ó kó tó jáde.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Lójúkojú, mi ò sọ "ọ́fíìsì ẹ" fún Bàbá rí láyé mi. "Ọ́fíìsì yín" ni ẹnu mi mọ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú bírò, ojú mi á rí "ẹ", ọkàn mi á sọ pé ọ̀wọ̀ nìyẹn, mo sì ti kọ ọ́. Látọjọ́ náà, kí n tó fi lẹ́tà kankan ránṣẹ́, mo máa ń fi pẹ́ńsù yí gbogbo "ẹ" inú rẹ̀ ká. Èyí tó bá jẹ́ òun ló ń ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e ń sọ, mo fi í sílẹ̀. Èyí tó bá wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe, tí kò sì sí nǹkan tó ń ṣe níwájú, mo sọ ọ́ di "yín". Lẹ́yìn náà ni n ó wá "rẹ", "ọ" àti "tìrẹ" kiri. Àwọn wọ̀nyí fẹ́ràn ìparí lẹ́tà, níbi tó ti rẹ ènìyàn. Mo ti rí lẹ́tà tó fi "ẹ̀yin" bẹ̀rẹ̀, tó fi "yín" lọ títí dé ìsàlẹ̀, tó wá parí pẹ̀lú "èmi ni tìrẹ ní tòótọ́".

Bírò pupa tún wà lábẹ́ "mo fẹ́ fi tó ọ létí pé mi ò ní wá". Bàbá ní, "Ṣé o ń sọ fún mi ni, àbí o ń tọrọ?" Tòótọ́ ni pé kódà bí mo bá yí "ọ" yẹn sí "yín", ó ṣì kù. "Fi tó yín létí" dára fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀ tàbí tí a ti fẹnu kò sí: ọjọ́ ìpàdé, ìsìnkú, àdírẹ́sì tuntun. Ẹni tó bá fi í ṣáájú ìsinmi ti pàṣẹ tán kó tó wá kí ọ̀gá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ṣe é fún mi". A lè pàṣẹ báyẹn fún ẹni tó kéré síni, ṣùgbọ́n a kì í sọ ọ́ fún àgbà láìfi "ẹ" ṣáájú. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá fún mi ni "tọrọ àyè".

Mo jiyàn díẹ̀, mi ò ní purọ́. Mo ní ẹ̀tọ́ mi ni ìsinmi. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sì sọ bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ oṣù 12 láìdáwọ́ dúró lẹ́tọ̀ọ́ sí ọjọ́ iṣẹ́ 6, ó kéré tán, pẹ̀lú owó oṣù rẹ̀ ní kíkún. Bàbá ní àwọn mọ òfin náà. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀tọ́ náà sínú gbólóhùn, kí n má fi nà wọ́n. "Láti lo ọjọ́ márùn-ún nínú ìsinmi mi ti ọdún yìí." Ó ti wà níbẹ̀. Ọ̀gá tó bá kà á mọ̀ pé ìsinmi náà jẹ́ tèmi, kò sì sẹ́ni tó gbé ohùn sókè.

Ibi tó le jù fún mi ni ti "wọn". Ẹ padà lọ wo gbólóhùn mi: "Wọ́n ní wọ́n gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá kí wọ́n tó lè ṣe é fún wọn." "Wọn" mẹ́rin! Méjì jẹ́ ti dókítà, méjì jẹ́ ti ìyá mi, èmi nìkan ni mo sì mọ èyí tó jẹ́ ti ta ni. Mo rò pé kí n kúkú sọ ti ìyá mi di "ó" kí ọ̀rọ̀ lè yé èèyàn. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ìyá tó bí ọ, o fẹ́ kọ 'ó' fún mi kà?" Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí a dárúkọ ẹni náà lẹ́ẹ̀kan sí i dípò kí a rọ́pò rẹ̀: "Dókítà ní kí ìyá mi mú ẹnì kan dání." Kò gùn jù, kò sì rí ìyá mi fín.

Ti oríkì, Bàbá kàn fa ilà gígùn kan kọjá lórí rẹ̀ ni. Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ́ ni lẹ́tà ìsinmi, "Alàgbà" kan ṣoṣo sì tó o. Bó bá jẹ́ obìnrin, "Ìyáàfin". Bí ọ̀gá bá ní oyè tí gbogbo ilé iṣẹ́ fi ń pè é, bí Ọ̀mọ̀wé, Olóyè tàbí Alhaji, ẹ kọ ọ́ síwájú orúkọ nínú àdírẹ́sì, ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà wà ní ìhòòhò. Mi ò fẹ́ràn "Ọ̀gbẹ́ni" fún àgbàlagbà. Lóòótọ́, a máa ń rí i nínú ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbọ́ bí kọ̀ńdọ́kítọ̀ ṣe ń pe ènìyàn ní "ọ̀gbẹ́ni" ní Ìwó Road á mọ ìdí.

Bí lẹ́tà náà ṣe rí nígbà tí mo tún un kọ nìyí, lẹ́yìn àdírẹ́sì méjèèjì àti déètì:

Alàgbà,

ÌTỌRỌ ÀYÈ FÚN ÌSINMI ỌLỌ́JỌ́ MÁRÙN-ÚN

Mo ń fi ìwé yìí tọrọ àyè lọ́wọ́ yín láti lo ọjọ́ márùn-ún nínú ìsinmi mi ti ọdún yìí, láti ọjọ́ Ajé 21 títí di ọjọ́ Ẹtì 25, oṣù Kẹjọ, 2023. Bí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé 28.

Ìyá mi yóò ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun 22. Dókítà ní kí ìyá mi mú ẹnì kan dání, èmi nìkan ni mo sì wà nítòsí wọn.

Mo ti ka ìwé tó wà lọ́wọ́ mi dé ojú ìwé 140. Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbà láti ka ìyókù.

Mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ̀ǹda fún mi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Mo fọwọ́ sí i, mo kọ orúkọ mi ní kíkún sábẹ́ rẹ̀. "Èmi ni ọmọ ẹ" ti lọ. Kódà "èmi ni ọmọ yín", lẹ́tà tí a ń kọ sílé ló wà fún.

Àwọn kan ti bi mí pé bí ọ̀gá bá kéré sí wọn lọ́jọ́ orí ńkọ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ilé iṣẹ́ tí mo wà báyìí, àbúrò mi ìkẹyìn ju ọ̀gá mi lọ. Mo ṣì ń kọ "ẹ" àti "yín" sí wọn, torí pé àga tí wọ́n jókòó lé ni mo ń kọ̀wé sí. "Alàgbà" nìkan ni mi ò kọ sí wọn. Àwọn náà ń kọ "ẹ" padà sí mi, a wá ń bọ̀wọ̀ fún ara wa síwá sẹ́yìn bí àwọn àna.

Ní ti Bàbá, ọjọ́ kejì ni wọ́n dá lẹ́tà náà padà. Bírò dúdú ni lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé: "Mo yọ̀ǹda. Bá mi kí ìyá rẹ." Mo wo "rẹ" yẹn títí. Òun nìkan ni "rẹ" tó wà nínú gbogbo ìwé náà, kò sì sẹ́ni tó fa ilà pupa sábẹ́ rẹ̀.