Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí ẹ gbé táyà tuntun sí: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí táyà ní Ṣàgámù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ fọkanáísà, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba fúrídọ̀ọ̀mù tí ẹ fẹ́ dá ṣọ́ọ̀bù tiyín sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ dáadáa, torí ojoojúmọ́ la ń bá a pàdé. Oníbàárà á wọlé, táyà iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ti jẹ. Owó ọwọ́ rẹ̀ ò ju ti táyà méjì lọ. Á ra méjì, á ní kí ẹ gbé méjèèjì síwájú, kí ẹ fi ti ẹ̀yìn sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ tú ti ẹ̀yìn wá síwájú, kí ẹ gbé tuntun sẹ́yìn.

Á bá yín jiyàn, àwíjàre rẹ̀ ò sì burú. Á ní ẹ́ńjìnnì wà níwájú, ẹsẹ̀ iwájú ló ń fa ọkọ̀, òun náà la fi ń yí kọ́nà, bírékì iwájú ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí táyà iwájú fi ń tètè jẹ. Ṣùgbọ́n ibi tí táyà ti ń yára jẹ lọ́tọ̀, ibi tó ti léwu jù pé kí táyà tó ti jẹ wà lọ́tọ̀.

Òjò ló ń fi ìyàtọ̀ méjèèjì hàn. Iṣẹ́ ilà tó wà lójú táyà ni pé kó gba omi kúrò lábẹ́ rọ́bà, kí rọ́bà lè di ọ̀dà títì mú. Táyà ọkọ̀ kékeré tó jẹ́ tuntun, ilà rẹ̀ máa ń jìn tó bíi mílímítà 8. Tó bá ti jẹ kù sí 2, kò ríbi kó omi sí mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré lórí omi tó dúró sójú títì, omi á wọ abẹ́ táyà, táyà á máa léfòó, kò ní fara kan ilẹ̀ rárá.

Ẹ wá wò ó bí tuntun bá wà níwájú, tí èyí tó ti jẹ sì wà lẹ́yìn. Táyà iwájú á gba omi kúrò, á di títì mú, sitiárín á le lọ́wọ́ dírẹ́bà bó ṣe máa ń le. Kò sóhun tó máa sọ fún un pé kó dẹ ẹsẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, táyà ẹ̀yìn ti ń léfòó. Bó bá dé ibi tí títì ti tẹ̀, iwájú á yà, ìdí ọkọ̀ á sì máa lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, ìdí á fẹ́ ṣáájú orí. Ẹ̀rù á ba dírẹ́bà, á gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lójijì tàbí kó tẹ bírékì. Ohun tó burú jù tó lè ṣe nìyẹn, torí bí ọkọ̀ bá dẹ̀ lójijì, ìwúwo rẹ̀ á sún síwájú, ẹ̀yìn á tún fúyẹ́ sí i, ọkọ̀ á sì yí po. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí ẹ máa ń rí tó kọjú síbi tó ti ń bọ̀ nínú igbó lẹ́yìn òjò, ẹ lọ wo táyà ẹ̀yìn wọn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ni tuntun wà, iwájú ni á kọ́kọ́ léfòó. Sitiárín á fúyẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ọkọ̀ á lọ́ra láti yà. Ó ti gbọ́ nìyẹn. Á rọra dẹ ẹsẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ á sún síwájú, táyà iwájú á tún di ilẹ̀ mú. Ẹni tí kò kọ́ ọkọ̀ wíwà lákànṣe pàápàá lè bá irú àṣìṣe yìí jà. Ti ẹ̀yìn ni kò rọrùn láti mú bọ̀ sípò, kódà fún ẹni tó ti pẹ́ nídìí sitiárín.

Ìyá kan tó máa ń ti Ṣàgámù lọ sí Ìjẹ̀bú Òde fún òwò gbé Kòrólà wá bá wa nígbà òjò. Ẹjọ́ tó rò ni pé bí òjò bá ti rọ̀, tí òun bá wà ní títì márosẹ̀ tó lọ sí Bìní, ìdí ọkọ̀ máa ń jó bí òun bá fẹ́ kúrò ní ọ̀nà kan bọ́ sí èkejì. Wọ́n ti ní kó pààrọ̀ ṣọ́kì ẹ̀yìn, ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti ṣe aláímẹ́ǹtì fún un. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, ọkọ̀ a máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí òjò bá dé, ó tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó ń dára nígbà gbígbẹ tó ń bàjẹ́ nínú òjò nìkan, ojú táyà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

A fi géèjì ilà wọ̀n ọ́n. Iwájú méjèèjì jẹ́ 7, wọn ò tíì pẹ́ lára ọkọ̀. Ẹ̀yìn, tí ẹ bá wò ó láti ìta, ó dà bíi pé ó ṣì dáa: 3 ni etí ìta. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ti ọwọ́ bọ abẹ́, tí mo wọn etí inú, 2 péré ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ojú mẹ́ta la ti ń wọn táyà kan, etí ìta, àárín, àti etí inú, èyí tó kéré jù lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la ó sì fi ṣèdájọ́. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ wo ìta nìkan kò tíì wo táyà náà. Bí kò bá sí géèjì lọ́wọ́ yín, ẹ wá lẹ́tà TWI létí táyà, kí ẹ tẹ̀ lé e wọ inú ilà. Ẹ máa rí kókó rọ́bà kékeré tó dábùú ilà. Gíga kókó yẹn jẹ́ mílímítà 1.6. Bí ojú táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iwájú tàbí ẹ̀yìn mọ́, kí táyà yẹn kúrò lára ọkọ̀ ni.

Ohun tá a ṣe fún ìyá yẹn ò gbà ju owó iṣẹ́ lọ. A gbé 7 sẹ́yìn, a gbé èyí tó ti jẹ síwájú, mo sì sọ fún wọn pé 2 yẹn ò ní pẹ́ mọ́, kí wọ́n máa tu owó méjì jọ, kí wọ́n sì máa rọra sáré lójú omi títí dìgbà náà. Nígbà tí wọ́n padà wá ra méjì, wọ́n ní ìdí ò jó mọ́, sitiárín ló máa ń fúyẹ́ díẹ̀ bí omi bá pọ̀, àwọn á sì dẹ ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn náà la tún gbé tuntun méjèèjì sí.

Èyí tó tún burú ju ti iwájú àti ẹ̀yìn lọ ni kí ọ̀tún àti òsì yàtọ̀ síra. Táyà kan bẹ́, oníbàárà ra ẹyọ kan, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti jẹ. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú 195/65R15, táyà Kòrólà tí gbogbo yín mọ̀. Bí ọ̀kan bá fi mílímítà 4 jẹ ju èkejì lọ, ìdínkù yẹn wà lókè àti nísàlẹ̀, nítorí náà gíga rẹ̀ fi 8 kéré. Yíyí kan rẹ̀ á fi bíi mílímítà 25 kúrú, tí ọkọ̀ bá sì rin kìlómítà 1, táyà kékeré á ti fi bíi ìgbà 6 yí ju èkejì lọ. Dífúrẹ́nṣà, ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti tòsì lè yí ju ara wọn lọ, tí Ọlọ́run ò ní kó máa ṣiṣẹ́ àfi ní kọ́nà, kò ní sinmi mọ́ lójú ọ̀nà tó tọ́. Ọkọ̀ á máa fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ilà bá dọ́gba ṣùgbọ́n tí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n yàtọ̀: ìwọ̀n kan náà lè wà lára méjèèjì, kí ògiri ọ̀kan le, kí ti èkejì rọ̀, kí rọ́bà wọn má sì di ilẹ̀ mú bákan náà. Bí a bá tẹ bírékì lójú omi, ẹ̀gbẹ́ tó di ilẹ̀ mú ni ọkọ̀ máa yà sí.

Kí ẹ tó sọ pé aláímẹ́ǹtì ló ń fa ọkọ̀, ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà méjèèjì kó dọ́gba, lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ ti ọ̀tún pẹ̀lú ti òsì níwájú, kí ẹ wà á lójú títì tó tẹ́jú. Bí fífà náà bá ṣí lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, táyà ni. Bó bá dúró síbi tó wà, ẹ wá lọ wo aláímẹ́ǹtì àti bírékì tó lè máa há. Ẹ kọ́kọ́ wo etí táyà o: èyí tí àmì ọfà wà lára rẹ̀, apá kan ló gbọ́dọ̀ máa yí sí, ẹ ò lè pààrọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì tú u kúrò lórí rímù. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá sì ni oníbàárà lágbára láti rà, ẹ wọn mẹ́ta tó kù, ẹ mú èyí tí ilà rẹ̀ jìn jù, kí ẹ fi òun àti tuntun ṣe méjì ẹ̀yìn.

Jíjìn ilà nìkan kọ́ ló yẹ kí ẹ wò lára tòkunbọ̀. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ní ìlà DOT létí táyà: 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Rọ́bà tó ti pẹ́ jù á ti gan, bí ilà rẹ̀ tiẹ̀ jẹ́ 6, kò ní di títì mú nínú òjò bíi tàwọn yòókù. Ẹ sì wo àmì òkè tí yìnyín wà nínú rẹ̀. Táyà ìgbà òtútù ilẹ̀ òyìnbó tó ní in, tí ojú rẹ̀ kún fún ilà wẹ́wẹ́ bí ẹni fi bíléèdì gé e, rọ́bà rẹ̀ rọ̀ jù fún oòrùn wa. Ó máa ń jìn lójú, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń rà á, ṣùgbọ́n tó bá wà lẹ́yìn nígbà tí táyà lásán wà níwájú, ìdí ọkọ̀ á máa mì ní kọ́nà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, á sì tètè jẹ. Mi ò kí ń gbé e sára ọkọ̀ oníbàárà mi.

Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kò gba òfin méjì-méjì yìí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gbọ́dọ̀ sún mọ́ra, torí gíáàbọ́ọ̀sì rẹ̀ ló máa san gbèsè ìyàtọ̀. Ìwé ọkọ̀ náà máa sọ bó ṣe gbà tó. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ògèrè tí ẹ ń ṣe tírélà, méjì tó so mọ́ra lẹ́yìn ni kí ẹ máa wọ̀n pa pọ̀: èyí tó ga jù ló máa gbé ẹrù èkejì, á gbóná, á sì bẹ́, ẹ ó máa bú afẹ́fẹ́ tí kò ṣẹ̀ yín.

Bí oníbàárà bá ń kọ̀, ẹ má ṣe kígbe mọ́ ọn. Ẹ kì géèjì bọ ilà níwájú rẹ̀, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára táyà kọ̀ọ̀kan, kó fúnra rẹ̀ kà á. Tí ẹ bá ti pààrọ̀ wọn, ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí ẹ ka sítíkà tó wà lára òpó rẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tí iwájú ń gbà lè yàtọ̀ sí ti ẹ̀yìn. Kí ẹ di nọ́ọ̀tì ní ìdojúkọra, kí ẹ sì ní kó padà wá kí ẹ tún un dì lẹ́yìn tó bá ti rin bíi kìlómítà 80.