Ẹ ka hẹ́kítà kí ẹ tó kọ “gàsẹ́ẹ̀tì” sínú ìpolówó ilẹ̀

Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń bá ilé iṣẹ́ ta ilẹ̀ lórí Wasáàpù àti Fesibúùkù, ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Wọ́n á ju àwòrán sínú gúrúùpù, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, àwa á lẹ nọ́ńbà fóònù tiwa mọ́ ọn, ó di títà. Èyí tó kó mi sí wàhálà nìyí:

“Ilẹ̀ gbígbẹ, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Pùlọ́ọ̀tì 500 ló wà nílẹ̀. 600 sùkúwíà mítà, ₦3.6 mílíọ̀nù. Ìwé: gàsẹ́ẹ̀tì, sọ́féè, díìdì. À ń lọ wo ilẹ̀ ní Sátidé yìí, aago 10 àárọ̀, ọkọ̀ ọ̀fẹ́ láti Ajah.”

Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Mo fẹ́ kí èyí yé àwọn tó ń pè mí ní oníjìbìtì káàkiri. Bí wọ́n ṣe fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa ni mo ṣe gbé e síta, àwọn tó sì ń bú mi nínú gúrúùpù náà gbé e síta lọ́jọ́ kan náà.

Nígbà tó di Sátidé, ọkọ̀ kún. Nínú àwọn tí mo mú wá ni màmá kan wà, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó fẹ́ fi owó àjẹmọ́nú rẹ̀ ra pùlọ́ọ̀tì méjì. Màmá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dání, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé sọ́féyọ̀ ni. Bí a ṣe débẹ̀ táwọn yòókù ń ya fọ́tò nídìí géètì, ọmọkùnrin yìí lọ sí ìdí òpó ààlà kan, òpó kọnkéré kékeré tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé e, ó dúró díẹ̀, ó kọ ohun tó rí sínú ìwé. Ó lọ sí òmíràn, ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ìgbà tó parí ló tó wá bá máníjà wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gàsẹ́ẹ̀tì abúlé wo lẹ fi ń ta ilẹ̀ yìí?”

Máníjà dárúkọ abúlé náà. Ọmọkùnrin náà ní, “Hẹ́kítà mélòó ni ìjọba yọ fún wọn?”

Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní abúlé náà lódindi ni.

Ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin náà yọ ẹ̀dà gàsẹ́ẹ̀tì jáde nínú báàgì rẹ̀. Ó ti wá a rí kó tó wọ ọkọ̀. Hẹ́kítà 12 ni wọ́n kọ síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ abúlé àti kódínéètì àwọn ìkángun ilẹ̀ náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò sókè, kì í ṣe pẹ̀lú ariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wa là ń gbọ́. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000 sùkúwíà mítà. Hẹ́kítà 12 jẹ́ 120,000. Bí èèyàn bá fi 600 pín in, pùlọ́ọ̀tì 200 ni yóò bọ́ síbẹ̀, ìyẹn tí a kò bá la ọ̀nà, tí a kò gbẹ́ gọ́tà, tí a sì wó ilé àwọn ará abúlé àti mọ́ṣáláṣí wọn dànù. “Ẹ̀yin ń ta 500. Ìyẹn hẹ́kítà 30, ọ̀nà kò sí nínú rẹ̀. Níbo lẹ ti rí ìyókù?”

Máníjà kò dáhùn. Ọmọkùnrin náà ní ibi tí a dúró sí gan-an ti kọjá ìkángun gàsẹ́ẹ̀tì ní nǹkan bí 400 mítà, àti pé lórí máàpù ìjọba tí òun wò ní Àlàúsá, ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé ni.

Màmá kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn fún mi. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó yọ fóònù, ó ka ìpolówó yẹn ketekete bí ẹni ń kàwé fún ọmọ kíláàsì, títí ó fi kan orúkọ mi àti nọ́ńbà mi nísàlẹ̀. Ó wá wò mí.

“Ọmọ mi, ṣé nọ́ńbà rẹ rèé?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

“Ó dáa.” Ó pa fóònù.

Bọ̀dá kan tó ti tipasẹ̀ mi san mílíọ̀nù kan náírà sílẹ̀ wà níbẹ̀. Ó bá wa wá láti wo òpó ààlà rẹ̀ ni. Mo gbọ́ bó ṣe pe ìyàwó rẹ̀, ó ní kó sọ fún oníbúlọ́ọ̀kù pé kó má tíì kó búlọ́ọ̀kù wá o. Ó yọ fìlà, ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀. Èèyàn ńlá ni, kì í ṣe ẹni tó yẹ kó jókòó sílẹ̀ lójú wa. Nínú ọkọ̀ tí à ń padà bọ̀, ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ títí dé Ajah, títí kan àwọn tí a jọ ń ta ọjà.

Ilé iṣẹ́ dá owó bọ̀dá padà nígbà tó yá, wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo fi kọmíṣọ̀n tèmi kún un kó lè pé. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ohun tí mo wá fẹ́ kí ẹ̀yin tó ṣì ń bá wọn ṣe mọ̀ ni pé gàsẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìwé pùlọ́ọ̀tì. Láti ìgbà òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ní Èkó, ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ tó pọ̀ gan-an, ó wá ń yọ apá kan padà fún àwọn ọmọ abúlé tó bá bẹ̀bẹ̀. Apá tí wọ́n yọ yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ sínú gàsẹ́ẹ̀tì. Ìdí nìyẹn tí hẹ́kítà fi máa ń wà níbẹ̀. Abúlé lè fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún hẹ́kítà lójú àwọn àgbà rẹ̀, kí èyí tí ìjọba yọ máa jẹ́ 12 péré. Bí bàbá olórí ẹbí bá na ọwọ́ sí igbó tó ní “tiwa ni gbogbo rẹ̀”, ó lè má parọ́, ilẹ̀ baba rẹ̀ ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ìjọba kọ.

Nítorí náà, kí ẹ tó lẹ nọ́ńbà yín mọ́ ìpolówó, ẹ béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́: ẹ̀dà ojú ewé gàsẹ́ẹ̀tì tí orúkọ abúlé náà wà, àti iye pùlọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà lápapọ̀. Ẹ sọ hẹ́kítà di sùkúwíà mítà, ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin fún ọ̀nà àti gọ́tà, ẹ fi ìwọ̀n pùlọ́ọ̀tì pín ìyókù. Pẹ̀lú hẹ́kítà 12 yẹn, 90,000 ló kù, ìyẹn pùlọ́ọ̀tì 150. Bí wọ́n bá ń pariwo 500, ẹ ti mọ̀, ẹ kò tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣírò yìí ni mo fẹ́ kí ẹ mú nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní iṣẹ́ ẹjẹ́ǹtì kọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ ta ni, nígbà tó jẹ́ pé nọ́ńbà ẹjẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè?

Bí ṣírò náà bá tilẹ̀ bá ara mu, kò tíì parí, torí pùlọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tà fún oníbàárà yín lè wà níta ìlà. Kódínéètì ló ń sọ ìyẹn. Ó wà lára ìwé sọ́féè, nọ́ńbà gígùn méjì fún òpó ààlà, ọ̀kan níhà ìlà oòrùn, èkejì níhà àríwá. Ẹ fún sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, ẹni tí kì í gba owó lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta ilẹ̀ náà, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò lórí máàpù ní ọ́fíìsì Sọ́féyọ̀ Àgbà ní Àlàúsá. Bí wọ́n bá ní ilẹ̀ tí ìjọba gbẹ́sẹ̀ lé lápapọ̀ ni, ó ṣì ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún. Bí wọ́n bá ní èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó ni, ẹ sá. Ilé iṣẹ́ tó bá ní òun ò lè fi kódínéètì sílẹ̀ àfi tí oníbàárà bá sanwó tán, ẹ má bá a tà. Wọ́n á ní àwọn olè á lo kódínéètì. Kí ni olè fẹ́ fi kódínéètì ṣe?

Tí wọ́n bá kọ “gàsẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ lọ́nà”, ìwé ìbéèrè ni wọ́n ní, wọn ò tíì ní gàsẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kódà bí gàsẹ́ẹ̀tì bá pé, ti abúlé ni. Oníbàárà yóò ṣì mú díìdì àti sọ́féè tirẹ̀ lọ gba àṣẹ gómìnà, owó ìyẹn kò sì sí nínú ₦3.6 mílíọ̀nù.

Ní ti ìwọ̀n, ẹ má kọ “pùlọ́ọ̀tì kan” lásán. Pùlọ́ọ̀tì tí bàbá wa mọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 669 sùkúwíà mítà. Òmíràn tí wọ́n ń tà báyìí jẹ́ 300. Ẹ kọ iye sùkúwíà mítà.

Ọjọ́ tí a ń lọ wo ilẹ̀ ló kù. Ìpolówó wa máa ń jáde ní Tọ́sìdeè, ká lọ ní Sátidé, torí wọn ò fẹ́ kí ara èèyàn tutù. Ọ́fíìsì ìjọba kì í sì í ṣí ní Sátidé. Èmi ti sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ méjì báyìí, mo sì ń fi kódínéètì sílẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ti gbé ìpolówó síta. Bí mo ṣe ń kọ tèmi nìyí:

“Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. 600 sùkúwíà mítà, pùlọ́ọ̀tì 40 ló kù nínú 140. Gàsẹ́ẹ̀tì abúlé náà jẹ́ hẹ́kítà 12, ẹ béèrè ojú ewé rẹ̀. Ẹ gba kódínéètì lónìí, kí sọ́féyọ̀ yín yẹ̀ ẹ́ wò. A ó lọ wo ilẹ̀ ní Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ má sanwó lọ́jọ́ náà.”

Àwọn tó ń pè mí kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, mi ò ní purọ́. Màmá tíṣà wà lára àwọn tó pè. Ó ní kí n fi kódínéètì ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀gbọ́n òun.