Bí A Ṣe Ń Fi Ara Wa Han Aṣàwárí Ọ̀gá Kí Ipò Kankan Tó Ṣí Sílẹ̀

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ti ń sún mọ́ ipò àgbà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn aṣàwárí ọ̀gá, ìyẹn àwọn tó ń bá ilé-iṣẹ́ ńlá wá ọ̀gá, ní Èkó ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Iṣẹ́ ìwádìí ni mo ṣe níbẹ̀: èmi ni mo ń ka lẹ́tà àwọn tó kọ̀wé sí wa nígbà tí kò sí ipò kankan nílẹ̀, èmi náà ni mo sì ń pinnu abẹ́ ìsọ̀rí tí orúkọ wọn yóò wọ̀ nínú àkọsílẹ̀ wa lórí kọ̀ǹpútà. Ó dùn mí púpọ̀ pé àwọn tí iṣẹ́ wọn dára gan-an a máa kọ lẹ́tà tí kò ní jẹ́ kí a rí wọn mọ́ lọ́jọ́ tí a bá ń wá irú wọn.

Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ yé yín pé aṣàwárí ọ̀gá kì í ṣe aṣojú ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gba ọ̀gá ló gbé iṣẹ́ fún un, òun náà ló ń san owó rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ irú èyí, iye tí wọ́n máa ń gbà tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta owó tí ọ̀gá tuntun náà yóò gbà ní ọdún àkọ́kọ́, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń san án bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ẹni tí wọ́n ń wá kì í san kọ́bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè owó kí ó tó gba síìfí yín, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ mìíràn ni onítọ̀hún ń ṣe. Nítorí náà, lẹ́tà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a bá òun wá iṣẹ́ ti ṣìnà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí lẹ́tà yín ní láti ṣe ni pé kí a mọ̀ yín, kí a sì lè rí yín nígbà tí oníbàárà wa bá dé.

Bí oníbàárà bá dé, ó máa ń sọ ipò tó fẹ́ kí a wá ènìyàn sí, irú ọjà tí òun ń ṣe, bí òun ṣe tóbi tó àti ìlú tí iṣẹ́ náà wà. Olùwádìí yóò jókòó ti kọ̀ǹpútà, yóò fi àwọn nǹkan mẹ́rin yìí wá inú àkọsílẹ̀, yóò sì kó orúkọ púpọ̀ jọ, kí ó tó máa pe àwọn ènìyàn lórí fóònù títí orúkọ yóò fi ku mẹ́rin tàbí márùn-ún tí oníbàárà yóò rí. Bí mi ò bá rí àwọn nǹkan mẹ́rin náà nínú lẹ́tà yín lọ́jọ́ tí ẹ kọ ọ́, kò sí ibi tí mo lè kọ orúkọ yín sí.

Obìnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá nínú ẹ̀ka ìṣirò owó ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ kan ní Àgbárá, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Lẹ́tà rẹ̀ àkọ́kọ́ sọ pé aláápọn ni òun, pé òun ní ìrírí púpọ̀, àti pé òun ti ṣe tán fún ipò àgbà èyíkéyìí. Síìfí tó so mọ́ ọn dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi pè é, mo sì bi í léèrè ohun tó ń ṣe gan-an àti ohun tó fẹ́. Lẹ́tà kejì tó kọ kò ju ojú ewé kan lọ. Ó ní ilé-iṣẹ́ òun ń ta ọjà tó tó bílíọ̀nù 40 náírà lọ́dún, pé ènìyàn 22 ló wà lábẹ́ òun, àti pé ọ̀gá àgbà ètò ìṣúná ni òun ń jábọ̀ fún. Ó wá fi ohun kan ṣoṣo ṣe ẹ̀rí: nígbà tí iye náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn oṣù kẹfà ọdún 2023, tí gbèsè dọ́là tí wọ́n jẹ àwọn tó ń kó àlìkámà wá fún wọn sì di ìlọ́po ní iye náírà, òun ni ó jókòó pẹ̀lú àwọn báǹkì àti àwọn olùtajà náà títí wọ́n fi gbà láti pín gbèsè náà sí oṣù 18.

Lẹ́yìn èyí ni ó dárúkọ ipò tó fẹ́. Èkíní ni ọ̀gá àgbà ètò ìṣúná ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ tàbí ohun mímu tí ọjà rẹ̀ wà láàárín bílíọ̀nù 30 sí 100 náírà, ní Èkó tàbí Ògùn. Èkejì ni igbákejì ọ̀gá ètò ìṣúná ní ilé-iṣẹ́ tó tóbi ju èyí lọ, ó sì lè kó lọ sí Àkírà ní orílẹ̀-èdè Gánà fún un. Ó ní òun kò fẹ́ báǹkì. Ó kọ iye tí òun ń gbà, ó sì kọ ọ́ pé oṣù mẹ́ta ni òun gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀ kí òun tó lè kúrò níbi tí òun wà. Kò gbà mí ní àkókò rárá láti kọ ọ́ sílẹ̀ síbi tó yẹ.

Ẹ kíyèsí i pé ipò méjì ló dárúkọ, àtẹ̀gùn kan péré ni èkíní sì fi ga ju ibi tó wà. Èmi gbà pé mẹ́ta ni ó yẹ kó pọ̀ jù. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé òun lè ṣe ọ̀gá ìṣúná, ọ̀gá ọjà títà àti ọ̀gá òṣìṣẹ́ ti mú kí a má mọ ibi tí a ó fi òun sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó fẹ́ yí iṣẹ́ padà pátápátá: oníbàárà tó ń san owó ńlá máa ń fẹ́ ẹni tó ti ṣe irú iṣẹ́ náà rí tàbí tó ti dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ yín dáadáa ni irú àyípadà bẹ́ẹ̀ ti máa ń wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa.

Ní ti ẹni tí ẹ ó kọ̀wé sí, ẹ má kọ ọ́ sí ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ aṣàwárí náà. Nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣàwárí ọ̀gá bíi Korn Ferry, Spencer Stuart tàbí Heidrick & Struggles, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó báǹkì, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ló ń bójú tó ọjà inú ilé; ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ka tiyín ni kí ẹ wá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olùwádìí rẹ̀ bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ó sì yẹ kí ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí òfin kan tí àwọn tó wà níta kì í sábà mọ̀. Bí a bá ti bá ilé-iṣẹ́ kan wá ọ̀gá, a kì í fọwọ́ kan òṣìṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé oníbàárà wa ni ilé-iṣẹ́ yín, a lè kí yín tọ̀yàyàtọ̀yàyà kí a má sì pè yín láé, ó sì lè jẹ́ pé a kò ní sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ pé àwa la bá wọn mú ọ̀gá yín tó dé kẹ́yìn wá, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni kí ẹ mú orúkọ yín lọ.

Í-meèlì tiyín ni kí ẹ fi kọ̀wé, kì í ṣe ti ibi iṣẹ́, kí ẹ sì sọ ọ́ kedere pé a kò gbọ́dọ̀ béèrè nípa yín lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má gbúròó wa fún oṣù púpọ̀, èyí kò sì túmọ̀ sí pé a ti kọ̀ yín. Bí nǹkan bá yí padà, bóyá wọ́n gbé yín ga tàbí ọjà tí ẹ ń bójú tó fẹ̀ sí i, ìlà mẹ́ta ti tó láti fi sọ ọ́. Bí kò bá sí ohun tó yí padà, ẹ má kọ̀wé ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà lọ.

Ìgbà tí olùwádìí bá kọ́kọ́ pè yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orí iṣẹ́ tí kò bá yín mu ló fi pè. Obìnrin Àgbárá yẹn gba irú ìpè bẹ́ẹ̀ nípa ipò kan ní Kánò. Ó ní Kánò kò ṣeé ṣe fún òun, ṣùgbọ́n òun yóò bi ènìyàn méjì tó mọ iṣẹ́ náà bí wọ́n bá fẹ́ kí a pe àwọn, ó sì fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà. Mo kọ èyí sí abẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibẹ̀ sì ni ẹnikẹ́ni tó bá tún ń wá ọ̀gá ìṣúná fún ilé-iṣẹ́ oúnjẹ yóò ti bá a.