Tí màmá bá ní "Àjàní o" lórí fóònù

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni ìyá ọkọ mi máa ń pè wá lórí fídíò láti Ọ̀fà sí Lọ́ńdọ̀n níbí. Ọmọ mi ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀ síwájú fóònù, màmá ò ní rí ju ìpàkọ́ ẹ̀ lọ, síbẹ̀ wọ́n á bẹ̀rẹ̀: "Àjàní o! Àjàní ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀, Ìyèrú Ọ̀kín, ọmọ abíṣujọ́rúkọ, ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Àjàní tó ń fọ abọ́ kí wọ́n tó rán an. Ṣé dáadáa lo jí?"

Àjàní yẹn loríkì tí wọ́n fún un nígbà tí wọ́n bí i. Ti Ọ̀fà, oríkì orílẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ bàbá ẹ̀ ló ti wá, òun àtàwọn ará ilé bàbá ẹ̀ ni wọ́n jọ ni ín. Ti abọ́ fífọ̀ ńkọ́? Màmá ló fi kún un fúnra wọn torí mo ti ròyìn ọmọ fún wọn, tó bá dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó lè jẹ́ ìwà míì ni wọ́n máa fi yìn ín.

Èmi ò sí nínú Ọlọ́fà yẹn o. Ọmọ Ìkòyí ni bàbá mi, ilé ọkọ ò sì gba orílẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin, torí náà tó bá kàn mí, màmá á ní "Àṣàkẹ́ ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn." Níbi òde wa níbí, àwọn èèyàn máa ń gbọ́ orúkọ ọkọ ẹni, wọ́n á kàn máa ki ìyàwó ní oríkì ilé ọkọ, ìyàwó á rẹ́rìn-ín, inú ẹ̀ ò dùn bí wọ́n ṣe rò. Onílù tó gbọ́n á kọ́kọ́ yọ́ béèrè pé ọmọ ìlú ibo ni bàbá yín.

Ohun tó ń ṣi àwọn ọmọ tá a bí síbí lọ́nà jù ni pé àgbà ló ń fi oríkì àbísọ pe ọmọdé. Àjàní ò gbọdọ̀ yíjú padà ní "Àdùkẹ́, ẹ káàárọ̀ o" fún màmá, àrífín ni, kódà kó wà lórí ìdọ̀bálẹ̀. Orílẹ̀ ló lè fi kí wọn, bó bá fẹ́ dúpẹ́: "Ẹ ṣé mà, ọmọ Òpómúléró," torí ibẹ̀ ni bàbá màmá ti wá. Bí wọ́n bá sì ń kì í lọ́wọ́, kó má dìde, kó má dá ọ̀rọ̀ wọn gé, tí wọ́n bá ti béèrè bó ṣe jí, ìgbà yẹn ló máa dáhùn.

Kì í ṣe àárọ̀ nìkan o. Tọ́mọ bá ń sunkún, tó bá ti ìrìnàjò dé, tó bá jíṣẹ́ dáadáa, ẹ fi oríkì ẹ̀ pè é. Èmi kì í fi bá ọmọ wí ní tèmi, torí tó bá ti ń gbọ́ Àjàní nínú ìbínú, ara ẹ̀ ò ní yá sí i mọ́ láàárọ̀.

Tọ́mọ yín ò bá sì ní oríkì, kò tíì pẹ́, ẹ pe obìnrin tó dàgbà jù nílé bàbá ọmọ, ẹ ní kó sọ ọ́ ní ọ̀kan.