Èsì Tó Lọ Bá Ìyá Ọkọ Mi

Mo fẹ́ ta ògbólógbòó maṣínnì ìránṣọ mi. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ láìfi nǹkan kan pamọ́: ₦95,000, kò ṣeé ná, ẹ wá wò ó ní Mọ́kọ́lá, ẹ fi aṣọ tiyín dán an wò, owó gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ tó gbé e, ẹ̀yin lẹ máa san owó ọkọ̀. Àṣé àwòrán nìkan làwọn èèyàn ń kà.

Ọkùnrin kan kọ̀wé: "Àǹtí, èló ni jálẹ̀? 70,000 ló wà lọ́wọ́ mi, kí ẹ kàn bá mi gbé e wá sí Àpáta." Ibi "kí ẹ kàn" yẹn gan-an lọgbọ́n wà. Ọkọ̀ tó máa gbé maṣínnì àti tábìlì rẹ̀ dé Àpáta ò ní gbà dín ní 5,000. 65,000 ló ń san, ó kàn ń pè é ní 70,000 ni.

Mo fara balẹ̀ kọ èsì rẹ̀: "Ẹ ṣeun tí ọjà mi wù yín, sà. ₦95,000 náà ni mo máa gbà, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ mọ́tò àti bẹ́líìtì rẹ̀ ni, rìsíìtì wà níbẹ̀. Mi ò ní lè gbé e wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá, màá fi bọ́bìnì mẹ́wàá ṣe èènì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sanwó ló máa gbé e lọ." Mi ò kọ "ẹ jẹ́ kí n rò ó wò" síbẹ̀ rárá. Ẹnu ọ̀nà tí ẹni tó ń nájà máa ń gbà wọlé padà nìyẹn.

Àsìkò kan náà ni ìyá ọkọ mi kọ̀wé pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ti tán, owó ọwọ́ àwọn ò sì pé. Mo dá wọn lóhùn: "Ẹ má dààmú, màmá mi. Ẹ san ohun tẹ́ ẹ bá ní, èmi á fi ìyókù kún un." Mo fi méjèèjì ránṣẹ́, mo lọ ro àmàlà.

Fóònù dún. Ìyá ọkọ mi ni. "Ìyàwó mi, ta lo fẹ́ tà ní ₦95,000? Ṣé ọmọ mi ni?"

Kí n tó bẹ̀ wọ́n tán, èsì ọkùnrin yẹn ti wọlé: "Olúwa á bù kún yín, àǹtí! Mo ti ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń pè mí ní màmá?"

Mo tọrọ àforíjì pé èsì ẹlòmíràn ló gbà, mo sì fi èyí tó jẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ láìyí ọ̀rọ̀ kan padà. Ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì.

Lọ́jọ́ Sátidé, òun rèé lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àjákù àǹkárá. Ó rán an síwá, ó rán an sẹ́yìn, ó sanwó pé, mo rí i pé ó wọlé. Ìgbà tó ka bọ́bìnì tán, ó wojú mi.

"Àǹtí, mẹ́sàn-án ni. Èló lẹ máa yọ fún mi níbẹ̀?"